Ìwé ìkìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlànà tiwọn, a ò ní fọwọ́ kan ìyẹn níbí. Kí ọ̀rọ̀ má baà di ti afẹ́fẹ́ lásán, àpẹẹrẹ kan la ó máa tẹ̀ lé láti òkè dé ilẹ̀: sítọ́kípà kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:00 àárọ̀. Mo ro ó ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kúẹ́rì àti ìwé ìkìlọ̀?

Ìbéèrè ni kúẹ́rì. Ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé, "A rí báyìí nínú àkọsílẹ̀, kí lẹ ní í sọ sí i?" Ìdájọ́ ni ìwé ìkìlọ̀. Ó ń sọ pé a ti gbọ́ tẹnu yín, a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí a parí rẹ̀ sí nìyí.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ìwé ìkìlọ̀ láìkọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ní ohunkóhun ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àwa Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ náà kì í sì í fojú kékeré wo irú rẹ̀. Àṣà kan tún wà tí mo máa ń rí, tí wọ́n ń kọ kúẹ́rì tí wọ́n sì ń fi ìkìlọ̀ parí rẹ̀: "Ẹ ṣàlàyé láàárín wákàtí 48, kí ẹ sì mọ̀ pé ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyí." Bí ìkìlọ̀ bá ti jáde, kí la tún fẹ́ fi àlàyé ṣe? Ìwé méjì ni, kí wọ́n jẹ́ méjì.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni òṣìṣẹ́ máa pẹ́ kí a tó lè kọ ọ́?

Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ yín ló máa dáhùn ìyẹn. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò sọ iye ìgbà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwé ìlànà sọ pé a fún òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn aago 7:00, àti pé ẹni tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan yóò gba kúẹ́rì. Ó tún to ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀rọ̀ ẹnu tí a kọ sílẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn, lẹ́yìn náà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ìwé ìlànà bá sọ mẹ́ta, ẹ má kọ kúẹ́rì ní ẹ̀ẹ̀mejì nítorí inú ń bí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má jẹ́ kó di mẹ́sàn-án kí ẹ tó rántí. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní ìmọ̀ràn kan tó jáde ní 1982, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 166. Ó ní irú àṣìṣe tó jẹ́ pé bó bá ṣẹlẹ̀ léraléra nìkan ló lè mú kí a lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kí a ti kìlọ̀ fún ẹni náà nínú ìwé kí a tó lé e. Pípẹ́ dé iṣẹ́ bá àpèjúwe yìí mu gan-an. Ìmọ̀ràn kan náà sọ pé agbanisíṣẹ́ tó ti mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ tipẹ́, tó dákẹ́ kọjá àkókò tó bọ́gbọ́n mu, ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ láti fi lé ènìyàn. Ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin o, ṣùgbọ́n láti ìgbà àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ní 2010, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti wo ìlànà iṣẹ́ tí àgbáyé fọwọ́ sí, wọ́n sì máa ń wò ó.

Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá ní ìwé ìlànà rárá, ẹ kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ yẹn. Òfin tí a kọ lónìí kò lè mú ẹni tó pẹ́ lánàá.

Ẹ̀rí wo ni mo nílò?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkìlọ̀ ti ń ṣubú, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́, wákàtí tó wọlé, àti ibi tí a ti rí wákàtí yẹn. Nǹkan mẹ́ta yìí ni ẹ̀rí. "Ó máa ń pẹ́ gan-an" kì í ṣe ẹ̀rí. "Gbogbo ènìyàn ló mọ̀" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ka báyìí, wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹ̀rọ máa ń ṣìnà. Bí iná bá lọ, tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ sì ti kú, aago rẹ̀ lè padà sí ọjọ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tàbí kó dúró síbi tó wà títí iná fi dé. Ẹni tó tún un ṣe lè fi ìṣẹ́jú 12 sí i láìmọ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ fi aago fóònù yín wé aago ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn jáde fún ọjọ́ náà. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 12 lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe àwọn ló pẹ́, aago ló yára.

Ìṣòro kejì ni ìlà. Bí ènìyàn 60 bá ń tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ìka ẹni tó ń ṣe lébíìrì sì ti gbó débi pé ẹ̀rọ kò tètè mọ̀ ọ́n, ẹni tó dé géètì ní 7:02 lè má rí i tẹ̀ títí di 7:14. Ìdí nìyí tí rẹ́jísítà sìkọ́ríítì ní géètì fi wúlò síbẹ̀. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Bí ẹ̀rọ bá sọ 7:41 tí rẹ́jísítà géètì sì sọ 7:38, ọ̀rọ̀ ti dájú. Bí géètì bá sọ 6:58, ẹ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Rẹ́jísítà ọlọ́wọ́ ní àrùn tirẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ buwọ́ lù ú. Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Orúkọ mẹ́rin tó tẹ̀ léra, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, gbogbo wọn 6:55 géérégé. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn, ó ní kúẹ́rì tirẹ̀. Ẹ má lú u pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ pípẹ́.

Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá, kí a rí bó ṣe ń lọ.

Sítọ́kípà wa ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bí kò bá tíì dé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé omi lọ fún àwọn oníbàárà kò lè di ẹrù. Ní oṣù September 2025, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó wọlé ní 7:41 ní ọjọ́rú ọjọ́ kẹta, àti ní 7:35 ní ọjọ́ Ajé ọjọ́ kẹjọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, súpáfáísọ̀ rẹ̀ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe níwájú àwọn awakọ̀. Ó fi ọjọ́ méjèèjì hàn án, ó bi í bóyá ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ó ní rárá, ọkọ̀ ló ń dà á láàmú. Wọ́n fẹnu kò pé kó máa tètè jáde. Súpáfáísọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, sítọ́kípà sì buwọ́ lù ú. Ìlà mẹ́ta péré ni. Àmọ́ ìlà mẹ́ta yìí ló máa sọ lọ́jọ́ iwájú pé a kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kí a tó gbé bírò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún wọlé ní 7:52 ní ọjọ́ 16, ní 7:28 ní ọjọ́ 22, àti ní 8:05 ní ọjọ́ 25. Ìgbà márùn-ún lápapọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 26, wọ́n fún un ní kúẹ́rì tó to ọjọ́ márààrún pẹ̀lú wákàtí wọn, wọ́n ní kó fèsì kí iṣẹ́ tó parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 30. Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko ló kù fún un lẹ́yìn ọjọ́ tó gbà á. Fífún ènìyàn ní kúẹ́rì ní aago 4:30 ọjọ́ Ẹtì kí ó fèsì ní aago 8 ọjọ́ Ajé kò dára, bí a tilẹ̀ ń pè é ní wákàtí 48.

Ó fèsì. Ó ní òun ò jiyàn ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22, ọkọ̀ epo kan ló ṣubú dí ọ̀nà tí òun ń gbà, òun sì pe súpáfáísọ̀ ní 6:40. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpè náà wà nínú fóònù súpáfáísọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ sì fi hàn pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn tó ń gba ọ̀nà kan náà pẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọ ọjọ́ 22 kúrò.

Ìgbà mẹ́rin ló kù, ó ṣì ju mẹ́ta tí ìwé ìlànà sọ lọ. Bí a bá kà láti aago 7:00, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 41, 35, 52 àti 65. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 193, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 13. (Àwọn kan ń kà láti 7:10. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà, kí ẹ má sì yí i padà nítorí ẹnì kan.) Wọ́n jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì October, ó mú aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání. Ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ Ajé ọjọ́ kẹfà.

Ọjọ́ 22 tí wọ́n yọ yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé wọ́n ka èsì rẹ̀. Máníjà kan lè rò pé márùn-ún dún ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé bá jẹ́ irọ́, gbogbo ìwé náà ni agbẹjọ́rò máa fi ọjọ́ yẹn fà ya.

Báwo ni ìwé náà ṣe máa rí gan-an?

Ojú ìwé kan tó. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń kọ ọ́, bí ẹni tí a kọ ọ́ sí kò bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó yẹ kí a kà á fún un ní èdè tó yé e, kí ẹni tó kà á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Èyí ni bó ṣe máa rí lédè wa:

> Ọjọ́ kẹfà oṣù October 2025
>
> Sí: Sítọ́kípà, Ẹ̀ka Ìkẹ́rùsí
>
> ÌWÉ ÌKÌLỌ̀ ÀKỌ́KỌ́: PÍPẸ́ DÉ ẸNU IṢẸ́
>
> Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́, tí ẹ buwọ́ lù nígbà tí ẹ wọṣẹ́, sọ pé aago 7:00 àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àfikún ìṣẹ́jú 10. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àti rẹ́jísítà géètì fi hàn pé ẹ wọlé ní àwọn wákàtí wọ̀nyí ní oṣù September 2025:
>
> Ọjọ́ kẹta, 7:41. Ọjọ́ kẹjọ, 7:35. Ọjọ́ 16, 7:52. Ọjọ́ 25, 8:05.
>
> Súpáfáísọ̀ yín bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án. A fún yín ní kúẹ́rì ní ọjọ́ 26, ẹ fèsì ní ọjọ́ 30, a sì jókòó pẹ̀lú yín ní ọjọ́ kejì October. A gba àlàyé yín lórí ọjọ́ 22, a sì ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbà pé àwọn ọjọ́ mẹ́rin yòókù rí bẹ́ẹ̀.
>
> Ní ọjọ́ 16 àti ọjọ́ 25, ọkọ̀ akẹ́rù méjì dúró láìlè di ẹrù títí ẹ fi dé.
>
> Láti òní lọ, a ń retí pé kí ẹ máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 7:00. Bí ìdíwọ́ bá dé, ẹ pe súpáfáísọ̀ yín kó tó di aago 7:00. A ó jọ tún àkọsílẹ̀ yín wò ní ọjọ́ kẹfà November.
>
> Oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ yìí máa fi wà, títí di ọjọ́ karùn-ún April 2026. Bí ẹ bá tún pẹ́ kọjá ìwọ̀n tí ìlànà gbà láàárín àkókò yìí, ó lè yọrí sí ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn.
>
> Bí ẹ kò bá fara mọ́ ìpinnu yìí, ẹ lè kọ̀wé sí máníjà àgbà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ìbuwọ́lù ẹni tó kọ ọ́, àti àyè tí òṣìṣẹ́ máa fi kọ pé òun gbà á, pẹ̀lú ọjọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìbínú kan níbẹ̀. Ẹ tún wo gbólóhùn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Wọn ò sọ pé "ẹ ń ba òwò wa jẹ́".

Kí ni kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ nípa ìwà. Ọ̀lẹ, aláìbìkítà, aláìmoore, gbogbo ìwọ̀nyí kò ní wákàtí lára, kò sí ẹ̀rọ tó lè tẹ̀ wọ́n jáde. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú kúẹ́rì kún un, bíi fóònù tó ń tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí owó tó yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ kò bi í léèrè lórí ìyẹn. Ẹ má sì kọ "a ó lé yín lọ́gán" nígbà tí ìlànà yín sọ pé ìkìlọ̀ ìkẹyìn ló kàn. Ìhalẹ̀ tí ìwé ìlànà kò ti lẹ́yìn ń sọ ẹni tó kọ ọ́ di òpùrọ́.

"Ẹ máa ń pẹ́ nígbà gbogbo" náà kò dára. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ bíi 20 tó wà nínú oṣù, ọjọ́ mẹ́rin kọ́ ni gbogbo ìgbà.

Ẹlòmíràn náà ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí i. Ṣé ìwé ti wa ṣì dúró?

Ìwé lè dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kí máníjà tó buwọ́ lu ìwé kankan, kó tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ka náà jáde fún oṣù kan náà, kó fi orúkọ pamọ́, kó wo iye ìgbà nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé mẹ́ta gba kúẹ́rì, ìbáà jẹ́ àbúrò ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n rí awakọ̀ kan tó pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n kọ kúẹ́rì tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Kì í ṣe pé ìdájọ́ gbogbo ènìyàn máa bára mu. Awakọ̀ yẹn lè ní ìwé dókítà, kó má gba ìkìlọ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu ni ìbéèrè àti ọ̀nà tí a gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá sì ti ń fojú fo pípẹ́ láti ọdún méjì wá, ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé sí gbogbo ilé-iṣẹ́ pé láti ọjọ́ báyìí lọ a ó máa tẹ̀ lé ìlànà, kí ẹ tó mú ẹnì kan.

Ṣé a kò kúkú lè máa gba ₦500 lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́? Ó yá ju ìwé lọ.

Ó yá, àmọ́ òfin kò gbà á. Abala karùn-ún òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìnì, kò sì gbọdọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé òun máa yọ ọ́. Ibi kan tí òfin ti gba ìyọkúrò ni bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbí fi àìbìkítà fa òfò, ìyẹn náà sì nílò ìwé ìyọ̀ǹda òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí a tó yọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí òfin yìí ń pè ní òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé. Sítọ́kípà wa wà lára wọn. Máníjà àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, àdéhùn iṣẹ́ tiwọn ló ń darí ìyẹn. Síbẹ̀, mo máa ń ya ẹnu nígbà tí mo bá rí bébà "LATENESS: ₦500" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ọ̀gá àgbà gan-an. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lẹ ẹ̀rí mọ́ ògiri.

Òṣìṣẹ́ wa kan ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ń pẹ́ ní ìdajì wákàtí.

Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Abala 54 òfin yẹn kan náà fún obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín wákàtí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni, wọ́n kàn ń sá wọlé pẹ̀lú ìtìjú. Ẹ pè é, ẹ jọ sọ ìgbà tó máa lò ó. Bó bá fẹ́ lo ọ̀kan ní àárọ̀, tó wá ń dé ní 7:30, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdéhùn yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà, 7:30 ni aago tirẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Irú ìbéèrè yìí kan náà ló yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú un sùn, tàbí ẹni tó ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni òfin dárúkọ, ṣùgbọ́n kúẹ́rì wà fún kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jáde.

Bó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú ńkọ́?

Ẹ ka ìwé náà sétí rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí kan, kí ẹlẹ́rìí kọ pé, "A fún un ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ó kọ̀ láti buwọ́ lù ú," kó sì buwọ́ lù ú. Ó ti tó. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bíbuwọ́ lù ú kò túmọ̀ sí pé ó gba ẹ̀bi. Ó kàn fi hàn pé ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń buwọ́ lù ú bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí. Ẹ má fi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù gbogbo ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni.

Èmi ni wọ́n kọ ìwé sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè fún ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wákàtí yín, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ kan kò bá bára mu, ẹ kọ̀wé lórí ọjọ́ yẹn nìkan, ní ìlà díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí: ìpè fóònù, ìwé ilé ìwòsàn, orúkọ ẹni tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀. "Gbogbo ènìyàn ló ń pẹ́" kò ràn yín lọ́wọ́ tó báyẹn. Èyí tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni pé ẹni báyìí pẹ́ ní iye ìgbà kan náà lóṣù kan náà, kò sì gba kúẹ́rì.

Bí ìwé bá tọ̀nà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ kò lé ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi ẹ̀dà tiyín pamọ́ síbi tí ẹ ti máa rí i, nítorí ọjọ́ tó máa parí wà nínú rẹ̀.

Ṣé ìwé ìkìlọ̀ mẹ́ta ti tó láti lé ènìyàn?

Mẹ́ta kì í ṣe nọ́ńbà òfin, àṣà lásán ni. Ohun tí ilé-ẹjọ́ máa béèrè ni ìdí tí ẹ fún un. Nínú iṣẹ́ aládàáni, agbanisíṣẹ́ lè fòpin sí iṣẹ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀ àkókò tí àdéhùn wọn sọ, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ìdí, dandan ni kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá kọ "nítorí pípẹ́ léraléra" gbọ́dọ̀ lè kó kúẹ́rì, èsì àti ìwé ìkìlọ̀ jáde nínú fáìlì. Bí àdéhùn kò bá sọ iye àkókò, abala 11 òfin iṣẹ́ sọ ọ́: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan bí kò bá tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà bá pé, kí ló kàn?

Ìkìlọ̀ ti parí. Ìwé lè wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kà á mọ́ gẹ́gẹ́ bí àkàsọ̀ tí ẹ máa gùn lọ sí ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ká ní sítọ́kípà wa wọlé déédéé láti October títí dé ìbẹ̀rẹ̀ April, tó wá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 40 ní ọjọ́ 14 April 2026. Ọjọ́ karùn-ún ni ìwé rẹ̀ ti kú. Súpáfáísọ̀ máa pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sì kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé.